Èyí Tí Déètì Rẹ̀ Sún Mọ́ Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Jáde
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń wọ sítọ́ọ̀ lọ gbé ọjà jáde, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Bí páálí méjì ọjà kan náà bá wà nílẹ̀, èwo ni ká kọ́kọ́ tú tà?

Bí a bá bi ọlọ́ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn sọ pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ìdáhùn yẹn sàn ju kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa fa èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tó. Páálí tó dé ọ̀dọ̀ yín lánàá lè ti lo oṣù mẹ́jọ ní sítọ́ọ̀ díílà ní Ìbàdàn kí ọkọ̀ tó gbé e wá, nígbà tí èyí tí ẹ ti rà láti oṣù méjì sẹ́yìn jẹ́ tuntun láti ilé iṣẹ́. Ọjọ́ tí ọjà wọ ṣọ́ọ̀bù yín kò yí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ padà. Ní ilé ìwòsàn, aboyún tó ń rọbí kì í tò sẹ́yìn ẹni tó wá gba oògùn ẹ̀fọ́rí, bí ẹni yẹn tilẹ̀ ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Bákan náà ló yẹ kí ó rí nínú sítọ́ọ̀: èyí tí àkókò rẹ̀ kù díẹ̀ jù ni kó wà níwájú, ìgbà yòówù kó dé.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ́ńdà-Jíì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti pọ̀, ká fi ọjà kan ṣoṣo ṣe é. Ká ní ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2026, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ra mílíìkì alágolo tí déètì rẹ̀ jẹ́ 11/2026. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù kẹta, páálí 4 ló kù nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni díílà gbé páálí 14 dé, ọjà kan náà, ó sì ní òun máa dín ₦1,000 kúrò lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Agolo kò tẹ̀, páálí kò ya, owó sì dínkù, ni ìyá bá gbà á. Déètì ara ti tuntun yìí ni 06/2026. Páálí kan ni ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń tà lọ́sẹ̀ kan.

Bí wọ́n bá tẹ̀lé òfin pé èyí tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ jáde, páálí 4 ti tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò tà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, títí di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Ìgbà náà ni wọn yóò tó fọwọ́ kan páálí 14. Láti ọjọ́ yẹn sí òpin oṣù kẹfà kò ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Wọn yóò ta páálí 12, páálí 2 yóò sì kọjá déètì lọ́wọ́ wọn. Ẹ wò ó pé kò sí ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ níbẹ̀ o. Wọ́n tò ó dáadáa, òfin tí wọ́n fi tò ó ni kò bá ọjà náà mu.

Bí wọ́n bá fi déètì tò ó, páálí 14 yẹn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ 14 láti ọjọ́ 9 oṣù kẹta bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù náà tó parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọn yóò tú páálí 4 ti tẹ́lẹ̀, tí yóò tán kí oṣù keje tó dé ìdajì, nígbà tí oṣù kọkànlá ṣì jìnnà. Ọjà kan náà, oníbàárà kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n agolo kan ṣoṣo kò ṣòfò.

Kì í ṣe pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ́kù yẹn jẹ́ èrè ọ̀fẹ́. Ẹni tó ra agolo lọ́wọ́ yín kì í fìgbà gbogbo ṣí i lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ọjà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ ó dáwọ́ títà rẹ̀ dúró kí déètì fúnra rẹ̀ tó pé. Fún mílíìkì alágolo, ọ̀sẹ̀ méjì bójú mu. Fún ohun tí èèyàn máa ń rà ní páálí lọ pamọ́, bí índómì tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ jẹ fún oṣù kan, ẹ fi oṣù kan sílẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, iye ọjọ́ tí wọn yóò fi lò ó ni ẹ gbọ́dọ̀ kà: oògùn tí wọn yóò máa lò fún ọjọ́ 30 kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí déètì rẹ̀ pé.

Bí a bá wá fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sílẹ̀, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni ṣọ́ọ̀bù Ọ́ńdà-Jíì yìí yóò dáwọ́ dúró, tó túmọ̀ sí pé páálí 14 ń tán gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Kò sí àyè kankan fún àṣìṣe mọ́. Ìlú wa sì ni èyí. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín àkókò náà, tí ọjà wá ń lọ ní ìdajì páálí lọ́sẹ̀. Páálí 2 péré ni wọn yóò tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dípò 4. Páálí 2 yóò ṣẹ́kù, bí ẹ tilẹ̀ fi déètì tò ó bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyẹn, ó sì dun èèyàn pé ibẹ̀ gan-an ni a máa ń fojú fò. Títò kò lè gba ọjà tó pọ̀ ju agbára títà yín lọ là. Ẹnu ọ̀nà ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ gbà á wọlé. Ìṣirò tó ń dènà rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó wà láti òní dé ọjọ́ tí ẹ ó dáwọ́ títà dúró. Ẹ fi iye tí ẹ ń tà lọ́sẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì dín in kù fún ọ̀sẹ̀ tí ẹ mọ̀ pé ọjà kò ní yá. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí déètì rẹ̀ bá ti tuntun dọ́gba tàbí tó sún mọ́ jù ú lọ kúrò, torí pé àwọn yẹn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ohun tó kù ni òpin ohun tí ẹ lè gbà.

Nínú ọ̀ràn tiwa, ọ̀sẹ̀ 14 ní páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 14. Ìsinmi akẹ́kọ̀ọ́ mú 2 lọ, ó ku 12. Páálí 4 tó wà nílẹ̀ ní déètì oṣù kọkànlá, wọn yóò dúró dè é, nítorí náà a kò yọ wọ́n. Páálí 12 ni ìyá yẹn ìbá gbà. Ká ní ₦20,000 ni ó ra páálí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀dínwó, páálí 2 tó bàjẹ́ gba ₦40,000 lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀dínwó páálí 14 kò ju ₦14,000 lọ. Bí ó bá gba 12, ₦12,000 yóò wọ àpò rẹ̀ láìsí òfò. Nígbà tí díílà bá dín owó kù láì jẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni déètì.

Wíwo déètì sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọjà, EXP ni wọ́n kọ síwájú ọjọ́ tí lílò rẹ̀ parí, tí MFG tàbí MFD sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. BB túmọ̀ sí pé títí di ọjọ́ yẹn ni adùn àti ìrísí rẹ̀ pé pérépéré. Nínú sítọ́ọ̀ yín, ẹ fi ojú kan náà wo BB àti EXP, kí ẹ má fi ọ̀kan tò kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oṣù àti ọdún nìkan, bí 06/2026, ọjọ́ ìkẹyìn oṣù yẹn ni wọ́n ń sọ.

Ibi tí ojú ti ń ṣini ni 06/07/26. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ló máa ń ṣáájú, ìyẹn ọjọ́ 6 oṣù keje. Ṣùgbọ́n ọjà tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń fi oṣù ṣáájú, á wá di ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, nǹkan bí oṣù kan ló sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí iye kan níbẹ̀ bá ju 12 lọ, ìyẹn kò lè jẹ́ oṣù, ẹ ó sì mọ èyí tó jẹ́ ọjọ́. Bí MFG bá jẹ́ 06/19/25, oṣù ló ṣáájú. Bí kò bá sí ohun tó là á yé yín, ẹ mú èyí tó sún mọ́ jù. Àwọn ọjà mìíràn kò sì kọ ọjọ́ ìparí rárá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n ni wọ́n kọ, pẹ̀lú pé oṣù 18 ni wọ́n lè lò. Ẹ ka oṣù náà lọ́jọ́ tí ọjà dé, kí ẹ kọ ìdáhùn sára páálí, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù má baà tún máa ṣírò nígbà tí oníbàárà dúró lórí rẹ̀.

Kí páálí tó wọ sítọ́ọ̀ ni ẹ ó ti kọ déètì sí i lára pẹ̀lú máákà dúdú, kí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ní ẹ̀gbẹ́ méjì: 6/26, ó tán. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ kéré jù, ó sì máa ń kọjú sí ògiri. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ṣí páálí kan nínú ọjà tó dé, kí ẹ mú agolo méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ fi wọ́n wé ara páálí. Páálí tí wọ́n ti tú rí tí wọ́n tún dì lè kó déètì méjì sínú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tó sún mọ́ jù nínú rẹ̀ ni ẹ ó kọ sára páálí náà.

Nínú sítọ́ọ̀, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni títo déètì méjì sórí ara wọn. Páálí tuntun dé, wọ́n gbé e lé orí ti àtijọ́ torí pé ibẹ̀ ló yá, ti àtijọ́ sì wà nísàlẹ̀ títí ọdún fi yí po. Kò sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí yóò sọ páálí márùn-ún kalẹ̀ kí ó lè fa ẹ̀kẹfà yọ, ẹ má sì retí pé kó ṣe é. Ọ̀wọ́ déètì kan, òpó kan. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí èyí tó sún mọ́ jù máa wà lọ́wọ́ òsì nígbà gbogbo, kí gbogbo ẹni tó ń wọlé síbẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àyè bá há tí ẹ kò fi lè yẹra fún títo déètì méjì sórí ara wọn, èyí tó jìnnà ni kó wà nísàlẹ̀, bí ó tilẹ̀ máa ná yín ní ìdajì wákàtí lọ́jọ́ tí ọjà dé. Ẹ fi pákó gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ìbú ọwọ́ kan, kí ó má sì kan ògiri, nítorí ọ̀rinrin.

Òfin kejì kúrú: ọjà kan, páálí kan ṣoṣo tó wà ní ṣíṣí. Bí páálí méjì mílíìkì bá wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà ti dà rú, torí ẹnikẹ́ni lè mú nínú èyí tó bá wù ú. Tí déètì méjì bá dọ́gba pátápátá, ìgbà yẹn ni ẹ lè wá wo èyí tó kọ́kọ́ dé.

Lórí pẹpẹ níwájú, ọ̀rọ̀ náà pín sí méjì. Ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń gbé ọjà fún oníbàárà, ẹ fi èyí tó sún mọ́ jù síbi tí ọwọ́ yín ti kọ́kọ́ ń dé. Níbi tí oníbàárà ti ń mú fúnra rẹ̀, iwájú ni kó wà, kí ẹ sì máa ti ẹ̀yìn kún pẹpẹ: ẹ fa ti tẹ́lẹ̀ wá síwájú, ẹ to tuntun sẹ́yìn. Oníbàárà tó mọ̀ ọ́n yóò ṣì na ọwọ́ dé ẹ̀yìn láti mú tuntun. Kò sí bí ẹ ṣe lè dá a dúró, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ má to ju iye tí ẹ ń tà ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ sórí pẹpẹ, kí ẹ sì má tú déètì tuntun síbẹ̀ títí ti àtijọ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àyẹ̀wò kan wà tí kì í tanni jẹ. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan níwájú àti ẹyọ kan lẹ́yìn nínú ọjà kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ. Déètì ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú tàbí kó jìnnà jù ú lọ. Bí ti ẹ̀yìn bá sún mọ́ jù, ẹnì kan ti ń kún pẹpẹ láti iwájú. Ẹ kò nílò láti bá gbogbo ilé jà. Ẹ béèrè ẹni tó tú páálí tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń kún un hàn án lójú ẹsẹ̀.

Ìwé tí a ń kọ ọjà sí náà nílò àyípadà. Ọ̀pọ̀ wa ní ojú ìwé fún mílíìkì, ojú ìwé fún índómì, ojú ìwé fún súgà. Ìyẹn dára fún owó, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tó fẹ́ bàjẹ́ fún yín. Ẹ ya ìwé kan sọ́tọ̀ tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti oṣù kan. Lójú ìwé oṣù kẹfà 2026, ẹ kọ gbogbo ohun tí déètì rẹ̀ yóò pé nínú oṣù yẹn, ọjà yòówù kó jẹ́, pẹ̀lú iye rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ojú ìwé oṣù tó wà ní oṣù mẹ́ta síwájú, kí ẹ wọ sítọ́ọ̀ lọ ka èyí tó ṣẹ́kù. Oṣù mẹ́ta ṣì fún yín láàyè láti ṣe nǹkan: ẹ lè dín owó kù díẹ̀, ẹ lè pín in fún alábàáṣòwò tí ọjà tirẹ̀ ń yá ní Wàásò, ẹ sì lè dáwọ́ ríra òmíràn dúró. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tí ẹ ó dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, ẹ̀dínwó ńlá nìkan ló kù, àwọn oníbàárà á sì máa fura. Yọ́gọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì kò bá ìwé yìí lọ. Àràárọ̀ ni ẹ ó máa wo tiwọn.

Déètì fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ilé iṣẹ́ gbà pé ẹ ó tọ́jú ọjà náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, síbi tó tutù tó sì gbẹ. Páálí tó wà lábẹ́ páánù gbígbóná láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, tí kò sí àjà níbẹ̀, kò ní pé déètì rẹ̀ pẹ̀lú adùn kan náà. Òróró yóò máa rùn, mílíìkì oníyẹ̀fun yóò dì. Nítorí náà, bí páálí méjì bá ní déètì kan náà, èyí tó ti gba ooru ni kó kọ́kọ́ jáde, bí kò bá tíì bàjẹ́. Agolo tó wú, tó ń jò, tó dógùn-ún gan-an tàbí tó tẹ̀ ní ojú ìdè rẹ̀ kò sí nínú ìlà mọ́ rárá. Ẹ yọ ọ́ kúrò, bí déètì rẹ̀ tilẹ̀ ku ọdún méjì, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè pa èèyàn.

Ní ti gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ tó ti inú àpò wá, tí kò ní déètì, ọjọ́ tí wọ́n dé nìkan ni ẹ ní, ẹ kọ ọ́ sára àpò. Síbẹ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò náà kí ẹ tó tò ó. Èlùbọ́ tó dé lónìí tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀ yóò bu kí èyí tó gbẹ dáadáa tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá tó ní ìṣòro kankan. Ẹ dá a padà. Bí kò bá sì ṣeé dá padà, ẹ sá a kó gbẹ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi í síwájú.

Èyí tó bá wá kọjá déètì, ẹ má fi í sínú sítọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú ọjà tó dára. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà ká ta oúnjẹ tàbí oògùn tí déètì rẹ̀ ti kọjá. Ẹ ní àpótí kan tí ẹ kọ “Kò sí fún títà” sí lára, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kó lè yé yín ohun tí ẹ rà jù. Bí díílà bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun máa gba ọjà padà, ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ rà á iye oṣù tó gbọ́dọ̀ kù kí déètì pé kó tó gbà á, kí ó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Oògùn tó ti kọjá déètì, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sórí ààtàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì NAFDAC bí wọ́n ṣe ń kó o. Ní ti mílíìkì alágolo, ẹ dá agolo náà lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹ sì fa bébà ara rẹ̀ ya, kí ẹni tó ń ṣa agolo má baà rí i ní odidi kó tún gbé e lọ tà fún ẹlòmíràn.